Bídíà, àdádáálẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan nínú Jáwárátúlì Kàmálì

Atúmọ̀ kan, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń túmọ̀ àròkọ kan lórí awuyewuye àwọn Ìsálà, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó ń gbógun ti bídíà, àti àwọn onítọ́ríkà, àwọn Mùsùlùmí tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà Ṣéù kan, ní ilẹ̀ Haúsá. Gbogbo ibi tí "bídíà", ìyẹn ohun tuntun nínú ẹ̀sìn, bá ti jáde ni mo kọ "àdádáálẹ̀" sí. Bàbá kan tó jẹ́ Tíjáníyà, ọ̀kan nínú àwọn tọ́ríkà náà, bá mi kà á, ó ní mo ti dá ẹjọ́ kí n tó gbọ́ tẹnu òun. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n lò?

Olùkọ́ Yorùbá, Adó-Èkìtì:

Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí àdádáálẹ̀ ṣẹ̀. "Dá sílẹ̀" ló wà nínú rẹ̀. A máa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a máa ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Gúmì tó dá Ìsálà sílẹ̀ sọ pé gbogbo bídíà ló burú. Ohun tó ní lọ́kàn ni kí ẹ túmọ̀, kí ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Alfa, Ìlọrin:

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, dá méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀kan lẹ kà, ẹ fi èkejì sílẹ̀. Dá tí ẹ kò kà ni èyí tí à ń lò nígbà tí a bá ní lágbájá dá a ṣe, kò bi ẹnikẹ́ni. Òun ni Bàbá yẹn gbọ́. Àdádáálẹ̀ ń sọ fún ẹni tó bá gbọ́ ọ pé ẹni tó gbé nǹkan náà kalẹ̀ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí àṣẹ yẹn gan-an sì ni ìjà wà.

Ṣéù Ahmad Tíjánì, tí wọ́n bí sí Áínì Mádì ní Àlùjíríà ní 1737, tó sì kú sí Féèsì ní 1815, sọ pé Ànábì fara han òun lójúkojú, kì í ṣe lójú oorun, ó sì fi wíridì, àdúrà tí wọ́n ń kà lójoojúmọ́, lé òun lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan yòókù ti ṣàn wá. Ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, tí wọ́n bá kí Màgàríbà tán, bàbá kan á gbé aṣọ funfun jáde, á tẹ́ ẹ sáàárín, àwọn àgbà á jókòó yí i ká láti ṣe wásífà. Wọ́n á tọrọ àforíjì ní ọgbọ̀n ìgbà, wọ́n á ka Sàlátúlì Fátíhì, àdúrà ìkẹ́ fún Ànábì, ní àádọ́ta, Lá iláhà illálláhù ní ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n tó wá ka Jáwárátúlì Kàmálì ní ìgbà méjìlá. Ẹni tí kò bá fi omi ṣe alùwàlá kò ní ka ti ìkẹyìn yẹn, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé tó bá ti di ẹ̀ẹ̀keje, Ànábì àti àwọn àrólé rẹ̀ mẹ́rin ti wà níbẹ̀. Àwa ọmọdé kì í fẹsẹ̀ kan aṣọ náà. Ẹ wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ó dá a dá ni. Ẹ kò tíì túmọ̀ bídíà fún un. Ohun tí ẹ sọ fún un ni pé irọ́ ni ìran tí Ṣéù rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín. Àbúbákàrì Gúmì ni olórí àwọn adájọ́ Ṣàríà ní Àríwá láti 1962, òun ló sì kọ ìwé Al-Àkídátù Sàhíhà ní 1972, ìwé tó dá iná sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìsmáílà Ìdrísì, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ti ṣe lémọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ogun, ló dá Ìsálà sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní 1978. Gúmì ni baba ìsàlẹ̀. Ohun tó ń tẹnu mọ́ kò le yé èèyàn: Ọlọ́run ti ní òun pé ẹ̀sìn yìí fún wa, kí ló wá kù tí Ànábì yóò tún fún ẹnì kan lẹ́yìn tó ti kú ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún?

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó kọ ìwé fèsì fún un kì í ṣe Tíjáníyà, èyí sì jọ mí lójú gan-an. Násírù Kábárà ti Kánò ni, olórí Kádíríyà, bẹ́ẹ̀ sì ni tọ́ríkà méjèèjì ti ń bára wọn fà á tipẹ́ ní Kánò. Ìwé Gúmì ló sọ wọ́n di ọ̀kan.

Oníṣòwò kan, Àgége:

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Màámi kú lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, àbúrò mi ọkùnrin dìde láàárín àlejò, ó ní àdádáálẹ̀ ni, òun ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ń ṣe wásífà láti kékeré dá a lóhùn pé, "Kí la dá? Kùráánì la kà, aláìní la fún lóúnjẹ. Èwo ni kì í ṣe ti Ọlọ́run níbẹ̀?" Títí di òní, wọn ò kí ara wọn. Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì?

Alfa, Ìlọrin:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ Màámi. Mi ò lè dájọ́ ilé yín níbí, fídáù kì í sì ṣe ti onítọ́ríkà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá yín ti sọ èsì tí àwọn agbèjà tọ́ríkà sọ ní Kánò lẹ́nu bí ìgbà tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ tú wásífà palẹ̀ kí ẹ wò ó: ìtọrọ àforíjì wà nínú Kùráánì, ìtọrọ ìkẹ́ fún Ànábì wà níbẹ̀, Lá iláhà wà níbẹ̀. Àbúrò yín pẹ̀lú kò sọ pé Kùráánì burú. Ohun tí òun àti àwọn Ìsálà ń bá jà ni ìtò rẹ̀: ọjọ́ kẹjọ, ìgbà méjìlá, aṣọ funfun. Wọ́n ní ta ló ní kí ẹ ka iye yẹn, ní àkókò yẹn, kí ẹ sì sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń san padà tí kò bá rí i ṣe?

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé àdádáálẹ̀ kò tó fún bídíà. Ẹ dán an wò lórí ọ̀rọ̀ Úmárù, àrólé Ànábì. Nígbà tó kó àwọn èèyàn jọ sẹ́yìn lémọ́ọ̀mù kan fún ìrun àṣámù, ó ní bídíà tó dára ni èyí. Àwọn agbèjà tọ́ríkà kì í jìnnà sí gbólóhùn yẹn, wọ́n á sì tún rán ọ létí pé Ísúdínì ọmọ Àbúdù Sàlámù, tó kú ní 1262, pín bídíà sọ́nà márùn-ún, tó fi dórí èyí tó jẹ́ dandan. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ yín sí i: "àdádáálẹ̀ tó dára ni èyí." Etí mi kọ̀ ọ́. Ìsálà á dáhùn pé Ànábì fúnra rẹ̀ ti kí ìrun yẹn pẹ̀lú àwọn èèyàn rí, nítorí náà Úmárù ń sọ èdè lásán ni, kò sọ ti òfin ẹ̀sìn. Ó dáa. Ìyẹn fi hàn pé bídíà ní ìtumọ̀ méjì lọ́wọ́ àwọn alátakò fúnra wọn, àdádáálẹ̀ sì gbé ọ̀kan ṣoṣo.

Ní tèmi, àṣẹ̀ṣẹ̀dé ni màá kọ níbi tí òǹkọ̀wé bá ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àṣẹ̀ṣẹ̀dé tó dára ni èyí" bọ́ sétí. "Gbogbo àṣẹ̀ṣẹ̀dé ló jẹ́ ìṣìnà" náà bọ́ sétí. Tó bá di ẹnu Gúmì tàbí ọmọlẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi àdádáálẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá, Adó-Èkìtì:

Mo gba ti dá méjì, ẹ ṣeun. Àṣẹ̀ṣẹ̀dé ni mi ò gbà. Èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú tàbí ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. Mo sì tún ní ohun kan: ẹ ò lè sọ pé ìtò nìkan ni wọ́n ń jà sí. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé àwọn Tíjáníyà pé Sàlátúlì Fátíhì ju Kùráánì lọ.

Alfa, Ìlọrin:

Ohun tó wà nínú Jáwáhírúlì Máánì, tí Alí Harásímì kọ láti ẹnu Ṣéù, ni pé kíkà á lẹ́ẹ̀kan tó kíkà Kùráánì ní ìgbà 6,000. Ìdí nìyí tí kò fi sí ohun tí Gúmì fi ta kò wọ́n tó dunni tó o. Mi ò ní pa á mọ́ pé ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Ṣùgbọ́n "ju" tí ẹ lò kì í ṣe ohun tí àwọn agbèjà rẹ̀ gbà. Wọ́n ní ẹ̀san là ń sọ, a kò sọ ti ipò. Ànábì ní Kúlíúwálláhù tó ìdá mẹ́ta Kùráánì, síbẹ̀ ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò tíì parí Kùráánì, kò sì sí ẹni tó ń fi ṣe arọ́pò rẹ̀. Àwọn alátakò náà kò dákẹ́. Wọ́n ní ẹnu Ànábì nígbà ayé rẹ̀ ni ti Kúlíúwálláhù ti jáde, àwọn tó gbọ́ ọ sì sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ibo ni 6,000 ti wá? Ẹ rí i pé a tún ti padà sórí ìran yẹn. Nínú ìtumọ̀, ẹ kọ "ẹ̀san rẹ̀ tó ti", ẹ má kọ "ju".

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá, Ìwó:

Alfa, ẹ ṣeun. Èmi náà há sórí ọ̀rọ̀ kan nínú Jáwárátúlì Kàmálì. Wọ́n pe Ànábì ní ọ̀nà Ọlọ́run tó pé, "al-ásíkámù". Ìwé atúmọ̀ èdè tí mo gbé wò kò fún mi ní nǹkan kan yàtọ̀ sí àìsàn. Ṣé "ọ̀nà rẹ tó ṣàìsàn jù" ni kí n kọ ni?

Alfa, Ìlọrin:

Àwọn alátakò ti rí ohun tí o rí, wọ́n sì pariwo rẹ̀. Wọ́n ní sín, káfù àti mímù ló wà ní gbòǹgbò rẹ̀, àìsàn ni, Ànábì tó mọ Lárúbáwá ju gbogbo wa lọ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Àwọn onítíjáníyà dáhùn pé láti ara "isitikámà" ló ti wá, èyí tó jẹ́ dídúró ṣánṣán, sín inú rẹ̀ ló sì bá a wá. Lóòótọ́, òfin gírámà kò gbà bẹ́ẹ̀, torí sín yẹn kì í ṣe ti gbòǹgbò. Èyí tí gírámà mọ̀ láti ara rẹ̀ ni "ákíwámù", ìyẹn sì ti wà nínú àdúrà náà tẹ́lẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kí ásíkámù tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n fẹ́ kí ohùn méjèèjì bára dọ́gba láìsọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mìíràn nínú wọn ní ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu Ànábì jáde ló ń kọ́ onígírámà, onígírámà kì í kọ́ ọ.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ àdúrà lò ń túmọ̀ fún àwọn tó ń ka á, kọ "ọ̀nà rẹ tó pé, tó tọ́ jù lọ". Kò sí ẹni tó ń ka á tó ní àìsàn lọ́kàn. Tó bá jẹ́ ìjà lò ń túmọ̀, fi ásíkámù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ìhà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀.

Atúmọ̀, Ìbàdàn:

Ẹ kú làálàá. Mo ti padà sínú iṣẹ́ náà. Níbi tí Ìsálà ti ń sọ̀rọ̀, àdádáálẹ̀ dúró. Níbi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀, mo kọ "ohun tí kò sí nígbà ayé Ànábì", torí àṣẹ̀ṣẹ̀dé kò tíì wọ̀ mí lára. Ó gùn, mo mọ̀. Bàbá tún kà á láàárọ̀ yìí, ó ní ó sàn. Ó wá nàka sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, níbi tí mo ti kọ ọ́ pé Ìsálà ní "ẹbọ" ni kíké pe Ṣéù tó ti kú pé kó gbani. Ó ní, "Ewúrẹ́ wo ni mo pa?" Ṣíríkì ló wà nínú ìwé náà. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?