Ẹ̀yin aránṣọ, sílípù sítíìṣì tàbí bíláìndì sítíìṣì fún etí kírépù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Síkẹ́ẹ̀tì kírépù tó nípọn díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, ti oníbàárà ni. Sílípù sítíìṣì ni mo máa ń fọwọ́ ṣe sí etí ṣífọ́ọ̀nù: mo á ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ á gba inú ìṣẹ́po kọjá, á sì mú fọ́nrán òwú kan péré lára aṣọ. Ó máa ń mọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n lára kírépù yìí, etí rẹ̀ wú, ojú ibi tí òwú ti mú un sì jìn wọnú bí ẹni fi èékánná tẹ̀ ẹ́, pàápàá lẹ́yìn tí mo lọ̀ ọ́. Mo tú u, mo dẹ òwú; ó dín kù, kò tán.

Mo wá dán bíláìndì sítíìṣì wò lára àjákù rẹ̀. Mo wíìfù etí rẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, mo ká etí náà sẹ́yìn díẹ̀, mo sì rán an láàárín. Kò hàn síta rárá! Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí gìgísẹ̀ bàtà má fà á já.

Ṣé bíláìndì sítíìṣì lè pẹ́ lára kírépù tí wọ́n ń wọ̀ lóòrèkóòrè? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ o.