Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, síbẹ̀ àpò fúláwà 14 ò sí níbẹ̀

Akáǹtì Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé búrẹ́dì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A kọ ìwé ọ́dà fún àpò fúláwà 200, ₦60,000 ni ẹyọ kan. Ìwé tí sítọ́ọ̀ kọ nígbà tí ọjà wọlé ní 200 ni àwọn gbà. Ínfọ́ísì náà ní 200, ₦12,000,000. Mo tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lórí tábìlì, iye àpò bára mu, owó ẹyọ bára mu, mo bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sanwó.

Ọjọ́ kẹrin ni àwọn tó ń po búrẹ́dì pariwo pé fúláwà ti ń tán. A ka èyí tó kù, a fi èyí tí wọ́n ti lò kún un, 186 ni. ₦840,000 ti bá ibẹ̀ lọ.

Ọmọ sítọ́ọ̀ ò jalè. Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kàn wo wébíìlì ọwọ́ dírẹ́bà, ó da 200 kọ. Fáìlì ló wá já mi láyà: oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sí ìgbà kan tí àpò kan dín tàbí tí ọ̀kan ya! Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó.

Ní báyìí, ẹ̀dà ọ́dà tó ń lọ sí sítọ́ọ̀ kì í ní iye nínú mọ́. Wọ́n á to àpò ní mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n á kà á, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, kí dírẹ́bà tó yọ wébíìlì.

Bàbá Òwódé
Kíkà yẹn dáa. Àmọ́ ẹ má da ara yín láàmú jù. Bí àpapọ̀ owó ínfọ́ísì bá ti bá ti ọ́dà mu, ẹ sanwó.

Arábìnrin Àyẹ̀wò
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibẹ̀ gan-an ló ti bá mi. A ní kí wọ́n kó páálí bọ́tà 20 wá ní ₦9,000. Ínfọ́ísì dé: páálí 18 ní ₦10,000. ₦180,000 ni méjèèjì! Ẹ wo iye, ẹ wo owó ẹyọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ sì kọ nọ́ńbà ínfọ́ísì sára ìwé ìgbàwọlé tí ẹ bá ti sanwó. Wọ́n ti fi 0457 gbowó lọ́wọ́ wa, wọ́n tún fi 457 padà wá.

Ìyá Akẹ̀sán
Èmi ló ń tajà fún wọn ní tèmi o. Mo kó ìrẹsì àpò 80 fún ilé ìwé kan, mo kó 40 lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo kọ ínfọ́ísì kan ṣoṣo fún 120. Oṣù mẹ́ta rèé, wọn ò san kọ́bọ̀. Ṣé nítorí ìwé yìí náà ni?

Arábìnrin Àyẹ̀wò
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Ṣé wọ́n fọwọ́ sí ìwé fún 40 yẹn?

Ìyá Akẹ̀sán
Géètìmáànù ló gbà á. Kò fún mi ní nǹkan kan.