Ìdánudúró, ìmí àbí èémí? Àmì inú ọ̀rọ̀ tẹlipírọ́mpítà

Ìbéèrè, láti Gwarinpa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mò ń to ọ̀rọ̀ sórí tẹlipírọ́mpítà, ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ ti ń yí lọ sókè lójú gíláàsì kí olóòtú lè kà á, fún ètò Yorùbá kan níbí ní Àbújá. Ibi tí olóòtú ti gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀, ÌDÁNUDÚRÓ ni mo máa ń kọ síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kà á síta mọ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kúkúrú wo ni kí n máa lò?

Láti Wuse:
DÁKẸ́ ni kí ẹ lò. Ó kúrú, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà ńlá ni kí ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀, torí òkèèrè ni olóòtú ti ń kà á.

Láti Garki:
Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, àmọ́ ìyẹn ò ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Yorùbá ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Bí ìlà bá fún mọ́ra, àmì orí Ẹ́ á lọ kan ẹsẹ̀ lẹ́tà tó wà lókè rẹ̀, olùkà á sì máa méfò ohùn. Lẹ́tà kékeré tí a sọ di gbàǹgbà ló dáa, kí àárín ìlà sì fẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tó fún ìlà kan. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn òǹwòran á máa rí ẹyinjú olóòtú bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

N ò fara mọ́ DÁKẸ́ rárá. Àṣẹ ni, a kì í sì í kọ ọ́ síwájú àgbàlagbà tó ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ náà ò bá a mu: ẹni tó dákẹ́ ti parí ọ̀rọ̀, tàbí kó má fẹ́ sọ ọ́ mọ́. Olóòtú tiwa ṣì ń sọ̀rọ̀ bọ̀.

Ìrísí ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣi olóòtú yín lọ́nà. Ó jọ ìròyìn, ló ṣe kà á. Ẹ fi àmì rọ́pò rẹ̀: igi kan fún ìdúró ráńpẹ́, igi méjì àti ìlà òfìfo kan fún èyí tó gùn. Gbagyi lẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ bó bá ti rí igi méjì ó mọ̀ pé kóun rọra. Ẹ wò ó:

```
A kò ní gba owó lọ́wọ́
ẹni tó ti san. //

Ẹni tí kò tíì san, /
kó wá lọ́jọ́ Ajé.
```

Ká ní ẹ gé ìlà kìíní sí "owó" ni, ó ti dá dúró bí odindi gbólóhùn. Bí olóòtú bá mí níbẹ̀, ohun tí ará ìlú á gbọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni. "Lọ́wọ́" tó parí ìlà ló ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kù. Ẹ má sì jẹ́ kí òfìfo pọ̀ débi tí kò ní sí ọ̀rọ̀ lójú gíláàsì mọ́, olóòtú á rò pé ó ti parí.

Láti Nyanya:
Fóònù lèmi fi ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fúnra rẹ̀ ló ń yí ọ̀rọ̀, ó sì máa ń sáré jù mí lọ. Ṣé igi méjì yìí á dá a dúró?

Láti Garki:
Rárá, Mà. Èyí tó ń yí fúnra rẹ̀ kì í wo àmì. Ẹ dín eré rẹ̀ kù, kẹ́ ẹ sì fi ìlà òfìfo kún ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dúró sí. Ìlà yẹn náà á gba àkókò kó tó kọjá.

Láti Kubwa:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ. Bá a bá ń dánra wò, a gbọ́dọ̀ lè pe igi yìí ní nǹkan. Mo dábàá "ìmí": ìmí kan, ìmí méjì.

Láti Wuse:
Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, tàbí tí fọ́ǹtì gbé àmì náà mì, imí ni wọn á kà. "Èémí" ni kẹ́ ẹ sọ. Kò sí ohun mìíràn tí a lè kà á sí.

Láti Kubwa:
Mo gba èyí. Síbẹ̀, bí olóòtú bá dúró kó tó dárúkọ ẹni tó gba ẹ̀bùn, kì í ṣe torí kó lè mí. Ó fẹ́ kí ara àwọn èèyàn wà lọ́nà ni. Èémí ò gba ìyẹn, ìdánudúró gbà á.

Láti Gwarinpa:
Màá fi igi sójú gíláàsì, màá sì máa fẹnu pè é ní èémí fún ìgbà díẹ̀ ná. Ṣé kí n wá lo igi mẹ́ta fún ibi tó ti máa yíjú sí kámẹ́rà kejì?

Láti Garki:
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdúró, iṣẹ́ tí olóòtú máa ṣe ni. Ẹ kọ [kámẹ́rà 2] sórí ìlà tirẹ̀ nínú àkámọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e síwájú gbólóhùn tó máa kà níbẹ̀. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.