Ìyá mi pè láti gbàdúrà, íńtáfíù mi bá gé

Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, aago mọ́kànlá àárọ̀, mo ní íńtáfíù lórí Zoom. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni, ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó, èèyàn mẹ́ta ló jókòó dè mí. Mo ti ra dátà, mo ti ṣáàjì láptọ́ọ̀pù kún, mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Fóònù mi tó ń lo síìmù méjì ni mo fi ṣe họ́tísípọ́ọ̀tì. Dátà wà lórí ọ̀kan, èkejì ni gbogbo ayé fi ń pè mí. Mo rò pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé mi.

Ìbéèrè kẹta ni bí mo ṣe máa ń mú ìwé owó ilé iṣẹ́ bá àkọsílẹ̀ báǹkì mu. Mo mọ̀ ọ́n dunjú. Mo ń ṣàlàyé lọ, mo ń fọwọ́ júwe, obìnrin tó jókòó láàárín ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó rẹ́rìn-ín náà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣé àwòrán ti dì, èmi nìkan ni mò ń dá sọ̀rọ̀! Mo wo fóònù, ìyá mi ni wọ́n ń pè láti Ṣakí, wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún mi. Kí ìpè náà tó dákẹ́, Zoom ti tì mí síta.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo mu omi, mo pe nọ́ńbà akọ̀wé wọn tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ló já, mò ń padà bọ̀. Mo wá wọlé láti orí fóònù gan-an, mi ò tan kámẹ́rà. Mo ní, "Ẹ má bínú, orí owó tí báǹkì ti yọ tí a ò tíì kọ sílẹ̀ ni mo wà," mo sì ń bá a lọ láti ibẹ̀. Wọ́n ní kí n padà wá l'Ọ́jọ́bọ̀ fún ìpele kejì, Zoom náà ni. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́

Àbúrò, ọ̀rọ̀ kékeré. Do Not Disturb ni kó o tẹ̀, ó tán. Ìpè kankan ò ní dún. Èmi tún máa ń wọn bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe yá sí kí n tó wọlé. Tó bá ti ju 10 Mbps lọ, ọkàn mi balẹ̀. Tèmi ń fún mi ní 18 nílé.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí nẹ́tíwọ̀kì tó dáa ní Ìkòròdú ńbí, ẹ má da ara yín láàmú pé ẹ fẹ́ rà èyí tó dáa jù. Nígbà tí a ń sọmọ ọmọ mi lórúkọ ní Họ́sítìnì, mo dé ibi orúkọ tí mo fún un, àwòrán wọn dúró gbagidi. Àbúrò mi ní ká pa àwòrán tiwa. Bá a ṣe pa á ni ohùn mọ́ gaara, mo sì wúre débi tó wù mí. Mi ò rí ojú ọmọ náà títí di ọjọ́ kejì ṣá.

Oní-Máàsì

Màmá, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n fẹ́ rà ni wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò yín ṣe yẹn gan-an ni ìdáhùn. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé, àwòrán ara ẹni lèèyàn kọ́kọ́ ń pa.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú. Do Not Disturb kàn ń pa ìpè lẹ́nu mọ́ ni, kò dí i lọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù onísíìmù méjì, síìmù méjèèjì ló ń pín ẹ̀rọ ìgbì kan ṣoṣo lò. Bí ìpè bá wọ ti ọ̀tún, dátà ti òsì á dúró dè é, ì báà dún, ì báà má dún. Kódà bó ṣe síìmù ẹyọ kan, tí VoLTE tó ń gbé ìpè gba orí 4G ò bá ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ìpè á já fóònù kúrò lórí 4G kó tó dún rárá. Ẹ pe ẹnìkan báyìí, kẹ́ ẹ máa wo òkè fóònù yín. Bí 4G bá di H tàbí E, ẹ ti rí olè náà.

Fóònù méjì lèmi ń lò. Síìmù tí ẹnikẹ́ni ò mọ nọ́ńbà ẹ̀ ló wà nínú àkọ́kọ́. Okùn tí mo fi ń ṣáàjì ẹ̀ ni mo fi so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo wá tan USB tethering, nítorí Wáìfáì àwọn aládùúgbò máa ń rọ́ lura wọn. Èkejì, síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀. Mo ti ṣí Zoom sórí ẹ̀ dé ojú ìlẹ̀kùn, ó ku kí n tẹ Join. Ẹni tí fóònù ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan lè darí ìpè lọ sí nọ́ńbà ọ̀rẹ́:

```
**21*080XXXXXXXX#
##21#
```

Ti òkè ń darí, ti ìsàlẹ̀ ń dá a padà. Orí síìmù tí wọ́n fi ń pè yín lẹ ti máa tẹ̀ ẹ́, owó ìpè tó kọjá lọ sì wà lọ́rùn yín. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí kì í ṣe gbogbo síìmù ló ń gbà á.

Ní ti 18 yẹn, ohun tó ń wọlé sí yín ni. Ojú yín tó ń jáde lọ bá wọn lọ̀rọ̀ kàn. Zoom ẹni méjì tí kì í ṣe HD ò gbà ju bíi 600 kbps lọ sí apá kọ̀ọ̀kan, ohùn nìkan ò tó 100. Ohun tó ń pa íńtáfíù ni kó máa yá, kó máa dúró. Ní wákàtí kan náà tí íńtáfíù máa bọ́ sí, ẹ tẹ èyí sínú Command Prompt lórí Windows:

```
ping -n 100 8.8.8.8
```

Bí time bá ń fò láti 60 lọ sí 900, tàbí tí Request timed out ń jáde léraléra, ẹ gbé àga yín kúrò níbẹ̀. Nílé mi, yàrá ò dáa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáa. Mítà mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn.

Àǹtí Mánṣẹ́sítà

Mo máa ń jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ níbí. Ẹ gbà mí gbọ́, àwòrán tó dì kì í bí wa nínú. Ohùn tó ń gé lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ ló ń sú èèyàn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ béèrè nǹkan kan náà nígbà mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan láti Òṣogbo sọ fún wa níṣẹ̀ẹ́jú àkọ́kọ́ pé bí òun bá já, òun á wọlé padà kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, ó sì fi nọ́ńbà ẹ̀ sínú Chat. Ó já lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó mira.

Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀, ṣé inú òkùnkùn lo jókòó sí? Yàrá tí ò mọ́lẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwòrán kún fún àmì wínníwínní, àmì yẹn gan-an sì ń jẹ dátà tàbí kó sọ ojú ẹ di ìdì ìdì. Kọjú sí fèrèsé, má kẹ̀yìn sí i. Wo ara ẹ nínú kámẹ́rà kó o tó wọlé: bí fèrèsé bá mọ́lẹ̀ ju ojú ẹ lọ, òjìji la máa rí. Tí Nẹ́pà ò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, dojú àtùpà oníbátìrì kọ ògiri funfun tó wà níwájú ẹ, ìmọ́lẹ̀ á sì ta padà sí ẹ lójú. Íápíìsì olókùn ni kó o lò, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wọ ẹnu láptọ́ọ̀pù ju ohùn tìẹ lọ.

Bọ̀dá Pẹ̀lẹ́

Mo ti pe ara mi wò, 4G di H lóòótọ́. Mo túúbá. Ṣùgbọ́n Àǹtí, mi ò fara mọ́ pé kéèyàn tètè sọ pé òun lè já. L'Ékòó, wọ́n á ní o ò múra sílẹ̀. Bó bá já, kéèyàn ṣàlàyé nígbà náà.

Àǹtí Mánṣẹ́sítà

Àwa tá à ń gbani síṣẹ́ níbí ni mo sọ o, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ ti àwọn ará Èkó yín.

Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀

Ẹ ṣé gan-an. Inú òkùnkùn ni lóòótọ́, Àǹtí. Mo fa kọ́tìnnì nítorí oòrùn. Mo ti yá fóònù kékeré lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi. Mo ṣe ping lówùúrọ̀ yìí: nínú yàrá, mẹ́tàlá ló já nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ìta, ẹyọ kan. Ewúrẹ́ onílé ló wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò sì séyìí tó sọ tewúrẹ́ nínú yín. Ìyá mi ní àwọn á gba àdúrà náà lóru Ọjọ́rú.