Oníbàárà san owó páànù lẹ́ẹ̀mejì, àlàyé tí mo kọ sí i ló tún wá dá ìjà sílẹ̀

Akọ̀wé Páànù (Kétu)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ṣọ́ọ̀bù páànù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Kétu. Èmi ni mò ń gba owó, èmi ni mò ń kọ ìwé, èmi náà ni mò ń dá oníbàárà lóhùn lórí Wasáàpù, owó oṣù kan ṣoṣo sì ni ọ̀gá ń san. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá kan wá ra páànù àti ìṣó, 86,500 fráǹkì ni gbogbo rẹ̀. Ó ní òun máa fi owó orí fóònù san. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe wèrè lọ́jọ́ náà, òjò ti ṣú, àwọn ọmọ tó máa gbé páànù ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, owó kúrò lórí fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà ni mi ò ti sùn dáadáa. Ó ń pè mí láàárọ̀, ó ń pè mí lálẹ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà ń pè. Lánàá ó ní òun máa gbé ìjókòó wá sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ àlàyé sí i. Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn nìyí:

"Ẹ kú ojúmọ́, ìyá. Nípa owó tí ẹ ní ẹ san lẹ́ẹ̀mejì, ìṣòro nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kì í ṣe ẹ̀bi ṣọ́ọ̀bù wa. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Owó yín máa padà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, ẹ yé pè wá."

Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ bá mi tún un kọ kó lè yé e.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)
"Tí ẹ ní ẹ san"! Bí wọ́n bá kọ ìyẹn sí èmi, ẹní ni màá tẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ìjókòó. O pe àgbàlagbà ní òpùrọ́, o tún ní kó yé pè ọ́. Owó ta ni ó ń béèrè?

Ọmọ Ọ̀pàrà (Ṣábẹ́)
Ọ̀rọ̀ owó orí fóònù yìí, kò yé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n fi 01 kún nọ́ńbà wa ní ìparí oṣù kọkànlá 2024, mo fi 15,000 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, owó wọlé sí ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mo pè é, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Títí di òní. Ìyá yẹn kó gbà pé owó náà ti lọ ni.

Akọ̀wé Páànù
Ẹ̀gbọ́n, kò ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni tiwa.

Tẹkiníṣán (Tọ̀kpọ́tà)
Kò le tó bẹ́ẹ̀. Owó tó bá há sáàárín, fúnra rẹ̀ ló ń padà. Ẹ ní kó dúró. Bí kò bá padà, kó gba ARCEP lọ.

Àgbà Wàńdó
Tẹkiníṣán, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ lòótọ́ ni. Èyí tó há ló ń padà. Èyí tó ti wọlé síbi tó ń lọ kò há, kò sì níbi tó fẹ́ padà gbà àyàfi kí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dá a padà. ARCEP sì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Owó inú fóònù, ẹni tó gba àṣẹ láti máa tọ́jú rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí, báńkì àgbà BCEAO ló sì ń ṣọ́ àwọn yẹn.

Akọ̀wé, mo ti jókòó sídìí àpótí owó orí fóònù ní Wàńdó fún ọdún mẹ́sàn-án, irú èyí tí mo ti yanjú kọjá òǹkà. Kò sí bí a ṣe lè tún lẹ́tà rẹ kọ, torí ìwọ fúnra rẹ kò tíì mọ ibi tí owó wà. Dá mi lóhùn mẹ́ta. Ẹsẹmẹ́ẹ̀sì méjì tó wà lórí fóònù ìyá, ṣé nọ́ńbà ID kan náà ló wà nínú méjèèjì? Aago mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan? Àti nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe nínú ẹsẹmẹ́ẹ̀sì o, nínú ìtàn àkáǹtì gan-an, ẹ̀ẹ̀melòó ni 86,500 wọlé lọ́jọ́ Ajé?

Akọ̀wé Páànù
Ẹ̀ẹ̀kan ni ó wọlé sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi wa. Ọ̀gá gan-an ti wò ó.

Tẹkiníṣán (Tọ̀kpọ́tà)
Ẹ rí i? Ó há ni. Kó dúró.

Àgbà Wàńdó
Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi, ọ̀kan lo dáhùn.

Akọ̀wé Páànù
Àgbà, ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwòrán ẹsẹmẹ́ẹ̀sì náà lọ́wọ́ ọmọ ìyá, torí ìyá kì í ka ìwé. ID wọn yàtọ̀ síra. Àkọ́kọ́ jẹ́ aago 10:42, ìkejì aago 10:58. Ti 10:42 kò tètè wọlé sọ́dọ̀ wa, aago 16:10 ni mo rí i.

Àgbà Wàńdó
Ó dáa. ID méjì túmọ̀ sí owó méjì, kì í ṣe ìfitónilétí kan tó wá lẹ́ẹ̀mejì. Ti 10:42 há, ó sì wá wọlé nírọ̀lẹ́: owó ọjà yín nìyẹn, ó ti parí. Ó ku ti 10:58. Orúkọ ta ni fóònù ìyá kọ síbẹ̀?

(Wákàtí méjì kọjá.)

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)
Akọ̀wé ti dákẹ́.

Akọ̀wé Páànù
Orúkọ mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi. Kóòdù ṣọ́ọ̀bù kò lọ, òjò fẹ́ rọ̀, ìyá fẹ́ gbé ọjà rẹ̀ lọ. Mo ní kó fi í sí nọ́ńbà tèmi, pé màá gbé e fún ọ̀gá lálẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú ìyẹn? Nígbà tí ti ṣọ́ọ̀bù wá wọlé nírọ̀lẹ́, mo fẹ́ dá tèmi padà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ gbèsè kékeré kan lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń yáni. Ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Bí 86,500 ṣe wọlé, wọ́n yọ 22,000 láìbi mí. 64,500 ló ṣẹ́kù. Mo ń retí owó oṣù kí n lè fi kún un kí n dá a padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tẹkiníṣán (Tọ̀kpọ́tà)
Háà.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)
O wá ń ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń jẹ orúkọ rẹ! Ọjọ́ mẹ́rin lo ti ń bá obìnrin yìí ṣeré.

Akọ̀wé Páànù
Mi ò jalè. Owó wà lára mi, mi ò ná an.

Ọmọ Ọ̀pàrà (Ṣábẹ́)
Ẹ fi í sílẹ̀, gbogbo wa la ń yá owó orí fóònù yẹn. Èmi rò pé kó má kọ òótọ́ sílẹ̀ rárá. Ohun tó bá kọ, wọ́n á gbé e lọ sí kọ̀mísáríà.

Àgbà Wàńdó
Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ẹsẹmẹ́ẹ̀sì ìyá náà. Kí ló tún kù láti fi pamọ́?

Akọ̀wé, gbọ́. "Wákàtí mẹ́rìnlélógún" tí o kọ yẹn, ìwọ lo dá a sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó máa dá owó yìí padà. Ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí o fún un, ó sì wọlé. Lójú ẹ̀rọ, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ìwọ lo máa dá a padà. Fi 64,500 ránṣẹ́ lónìí, má dúró de kó pé. Ẹni tó bá rí apá kan gbà kì í gbé ìjókòó wá.

Nọ́ńbà tó fi san gan-an ni kí o fi í sí. Bí ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ bá ní kí o fi í sí tòun, má gbà, torí bí ìyá bá ní òun ò rí i, o ò ní ẹ̀rí. Ka orúkọ tó bá jáde kí o tó fọwọ́ sí i. Iye tí wọ́n gé lọ́wọ́ ìyá lórí ìfiránṣẹ́ 10:58, ó wà nínú ẹsẹmẹ́ẹ̀sì rẹ̀, fi kún un. Kì í ṣe òun ló yan nọ́ńbà rẹ.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin tó kù kò ronú kàn. Bi í bóyá ó ti lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí àwọn yẹn bá lọ yọ owó lára rẹ tàbí lára ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìwọ náà ti dá a padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá máa gbà á, ìwọ á wá di ẹni tó ń gbé ìjókòó lọ sílé rẹ̀.

Lẹ́tà náà nìyí. Ìwọ tún un ṣe bí ohùn rẹ ṣe rí:

"Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ẹ san 86,500 lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ lẹ sọ. Ti aago 10:42 lọ sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ó pẹ́ kó tó wọlé. Òun ni owó páànù yín, ẹ kò jẹ wá ní kọ́bọ̀. Ti aago 10:58 wọlé sórí fóònù èmi fúnra mi, torí èmi ni mo fún yín ní nọ́ńbà náà. Owó yín nìyẹn, èmi ni mo sì máa dá a padà. Lónìí kó tó di aago 12, ẹ máa rí 64,500 lórí nọ́ńbà tí ẹ fi san. Ó ku 22,000 àti iye tí wọ́n gé lórí ìfiránṣẹ́, ẹ máa rí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má lọ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, bí ẹ bá sì ti béèrè, ẹ sọ fún mi. Ẹ má sọ kóòdù ìkọ̀kọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni tó bá pè pé òun fẹ́ dá owó padà, èmi náà kò ní béèrè rẹ̀. Ẹ má bínú sí ohun tí mo kọ́kọ́ kọ."

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)
Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ìyá kì í ka ìwé. Ọmọ ló máa kà á, ọmọ á sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Fi ohùn sọ ọ́ kí o tó fi èyí tí o kọ tẹ̀ lé e. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi "ẹ má bínú". Ní Àjàṣẹ́ níbí, a kì í fi ẹ̀bẹ̀ sẹ́yìn owó.

Àgbà Wàńdó
Ìyá Ìbejì, ti ohùn yẹn dára, mo gbà. Ti ẹ̀bẹ̀, èmi ò gbà. Ẹni tó ń wá owó rẹ̀, ibi tí owó wà ló kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)
Ìyẹn níbi tí ọkùnrin ti ń tajà.

Tẹkiníṣán (Tọ̀kpọ́tà)
Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé o ń fún oníbàárà ní nọ́ńbà tìrẹ?

Akọ̀wé Páànù
Ẹ jẹ́ ká yanjú ti ìyá ná.

Mo ti fi 64,500 ránṣẹ́, aago 11:20. Orúkọ rẹ̀ jáde kí n tó fọwọ́ sí i. Mo fi ohùn sọ ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ (Àgbà, ẹ jọ̀ọ́), mo wá fi èyí tí ẹ kọ tẹ̀ lé e. Ó ní òun ti ń múra láti lọ bá àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun ò tíì dé ibẹ̀. Ó wá bi mí kí ló jẹ 22,000 tó kù. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Àgbà Wàńdó
Dá a lóhùn kó tó di alẹ́.

Ọmọ Ọ̀pàrà (Ṣábẹ́)
Ẹ jọ̀ọ́, ti 15,000 tèmi yẹn ńkọ́? Ṣé mo ṣì lè rí nǹkan ṣe sí i?