Ọjà ò pé, agolo sì wú: báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á fún mi?

Ẹ kú ọjà o. Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo san owó 60 páálí tòmátò alágolo fún ọ̀gá kan tó ń tà lọ́pọ̀ l'Ékòó, 54 ló dé. Mo kọ ọ́ sórí wébíìlì pé mẹ́fà ò sí kí n tó fọwọ́ sí i, dírẹ́bà náà sì fọwọ́ síbẹ̀. Nígbà tí a tú ẹrù, agolo inú páálí mẹ́rin ti wú, ti méjì mìíràn sì tẹ̀ wọnú.

Mo pe ọ̀gá náà, ó ní kí n lọ bá dírẹ́bà. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ó wò ó, kò fèsì. Èyí tó tẹ̀, mo lè gbà pé ojú ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n gáàsì inú oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ló ń mú agolo wú; ìrìn wákàtí díẹ̀ láti Èkó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì háyà ọkọ̀, owó ọkọ̀ wà nínú rísíìtì tó já fún mi.

Mo fẹ́ kọ lẹ́tà báyìí, àmọ́ n ò fẹ́ kí àárín wa dàrú, torí iye tó ń tà á fún mi dára. Ṣé kí n kó èyí tó dín àti èyí tó bàjẹ́ pọ̀ sínú lẹ́tà kan, àbí kí n yà wọ́n? Ta ló sì yẹ kó ru àdánù páálí méjì tó tẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ló gba ọkọ̀?