Ṣé fífọwọ́ kan fóònù tó wà nínú họ́dà náà lòdì sófin?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń wakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi gba láísẹ́nsì ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, orí itan ló máa ń gbé fóònù sí, tí iná pupa bá ti dá a dúró báyìí á gbé e á yí orin padà, ó ní ọkọ̀ ò kúkú rìn. Mo ní láti March 2022 tófin ti le sí i, ibi iná pupa ò yọ ọ́ sílẹ̀ o, pọ́n-ùn 200 àti póìntì 6 ni, ẹni tí láísẹ́nsì ẹ̀ ò sì tíì pé ọdún 2, póìntì 6 yẹn ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Mo ti ra họ́dà tó ń lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún un. Tí fóònù bá wà níbẹ̀, tó kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó lè gbé ìpè, ṣé ọlọ́pàá ṣì lè mú un pé kò fọkàn sí ìwakọ̀? Ta ló ti ṣẹlẹ̀ sí rí?